Fóònù Wo Ló Dára Jùlọ fún Ará Ẹ̀fọ̀n?

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í bi mí pé fóònù wo ló dára jùlọ. Ìbéèrè náà máa ń wá ní ìhòòhò: kò sí iye owó tó wà lọ́wọ́, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kò sì sí orúkọ ìlú tí wọn yóò ti máa lò ó. Ó dà bí ẹni tó ń béèrè aṣọ tó dára jùlọ láìsọ bóyá ìgbéyàwó ló ń lọ tàbí oko. Bí mo bá béèrè padà, kíá ni wọ́n máa ń dáhùn ti owó àti ti iṣẹ́. Ìlú ni wọ́n máa ń rò pé kò kan ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fún ẹni tó ń gbé ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bí Ẹ̀fọ̀n Aláayè ṣe jókòó sáàárín òkè. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wà nítòsí, kí òkè kan ṣoṣo sì dá a lọ́nà. Ìgbì tí àwọn òpó ń rán jáde kò sì rí bákan náà. Èyí tó wà ní 800 mẹ́gáhẹ́tìsì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 37. Èyí tó wà ní 2600 kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 àti ààbọ̀ lọ. Ìgbì gígùn máa ń yí ẹ̀gbẹ́ òkè, ó sì ń wọ inú ilé dáadáa. Ìgbì kúkúrú lè kó dátà púpọ̀, ṣùgbọ́n òkè àti ògiri tètè ń pa á. MTN ń lo 800 àti 2600. Glo bẹ̀rẹ̀ 4G tirẹ̀ ní 2016 lórí 700. Nínú àkọsílẹ̀ fóònù, báńdì 28 ni wọ́n ń pe 700, báńdì 20 ni 800, báńdì 7 sì ni 2600.

Fóònù tí kò bá ní báńdì 20 tàbí 28 lè jẹ́ ọba kámẹ́rà, síbẹ̀ etí rẹ̀ di sí ìgbì tó lè dé ẹ̀yìn òkè. Ibí yìí ni tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ti máa ń já èèyàn kulẹ̀, nítorí pé báńdì ti ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún.

Àbúrò mi kan ń kọ́ni ní Ẹ̀fọ̀n, ó sì ń lọ sí Ìjerò ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà ló ní lọ́wọ́; àbájáde ìdánwò àti ìpè ló fẹ́ fi fóònù náà ṣe. Ẹnìkan ti fi tòkunbọ̀ tó ń dán gbinrin hàn án. Mo ní kó kọ́kọ́ yá síìmù méjì lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó fi wọ́n sínú fóònù àtijọ́ rẹ̀ ní yàrá tó ń sùn, kó sì ṣí `Settings`, `About phone`, `SIM status`, kó wo `Signal strength`. Síìmù tirẹ̀ fi −116 dBm hàn, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan −97, ìkẹta −108. Bí nọ́ńbà yìí bá ti sún mọ́ −80, ó dára. Tó bá ti kọjá −110 lọ sí ìsàlẹ̀, ìyà ni. Mẹ́wàá tó bá yàtọ̀ láàárín méjì túmọ̀ sí agbára ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà ohun tí síìmù kejì ń gbọ́ lágbára tó ìlọ́po ọgọ́rin ti àkọ́kọ́. Kò sí fóònù olówó gọbọi tó lè rọ́pò ìyẹn.

A wá wo àkọsílẹ̀ tòkunbọ̀ náà: kò sí 20, kò sí 28. Ó fi í sílẹ̀, ó ra tuntun tí kò lókìkí, tó ń gba síìmù méjì, tó ní báńdì 3, 7, 20 àti 28, pẹ̀lú bátìrì 5000 mAh. Owó tó ṣẹ́ kù ló fi ra páwà báńkì.

Bátìrì yẹn kì í ṣe fáàrí. Bí ìgbì bá rẹ̀ nílẹ̀, fóònù máa ń pariwo kí òpó lè gbọ́ ọ, kò sì ní dákẹ́ bó tilẹ̀ wà nínú àpò. Ọ̀pọ̀ tó ń rò pé bátìrì àwọn ti kú, ibi tí wọ́n ń gbé ló ń jẹ ẹ́. Ẹ fi fóònù kan náà lo ọjọ́ kan ní Ẹ̀fọ̀n àti ọjọ́ kan ní Adó, ẹ ó rí i.

Ní ti 5G, 3500 mẹ́gáhẹ́tìsì ni MTN fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2022. Ìgbì yẹn tilẹ̀ kúrú ju ti 2600 lọ. Ẹ má sanwó lé e àfi bí ẹ bá ti rí àmì rẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn ní àdúgbò yín.

Bí tòkunbọ̀ náà bá sì wù yín, ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà `Model number`. Lórí Samsung, U ni ti Amẹ́ríkà, B ni ti Yúróòpù. Orúkọ kan náà lè ní báńdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi síìmù yín sínú rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á. Bó bá béèrè `network unlock`, ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣì tì í pa. Bí kò bá béèrè, ẹ pe ẹnìkan, ẹ ṣí ojú ìwé kan, ẹ tó ka owó.