Ìṣẹ́ Tí Aago Ń Gbè àti Èyí Tí Ó Ń Já Lulẹ̀

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní orílẹ̀-èdè Ítálì, Francesco Cirillo, rí i pé òun kàn ń jókòó ti ìwé ni, ohun tí òun ń kà kò wọlé. Ó wá bá ara rẹ̀ ta á: ṣé òun lè fi ìṣẹ́jú 10 péré kàwé láìwo ibòmíràn? Aago ìdáná kan tí wọ́n ṣe bíi tòmátò ló fi ń ka ìṣẹ́jú náà. Ibẹ̀ ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lónìí ti bẹ̀rẹ̀: ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ yí aago sí ìṣẹ́jú 25, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn títí yóò fi dún, kí ẹ sì sinmi fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìsinmi a gùn tó ìṣẹ́jú 15 sí 30. Òfin rẹ̀ le: bí aago bá ti dún, ọwọ́ dúró nìyẹn, ìbáà ṣe díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ parí.

Òfin yìí gbe àwọn iṣẹ́ kan, ó sì ń pa àwọn mìíràn lára. Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń ṣèwádìí lórí bí àwọn obìnrin ọjà ṣe ń fowó pamọ́, tó sì ti gba ohùn àwọn 12 sórí fóònù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ó da ohùn wọn kọ. Iṣẹ́ náà ń súni, àmọ́ kò gba ìrònú. Bí aago bá dún, yóò kọ ibi tí ohùn dé sílẹ̀, ká ní 14:32. Bó bá padà dé, ibẹ̀ ni yóò ti máa bá a lọ. Kò sí ohun tó sọnù, nítorí kò sí ohun tó gbé sọ́kàn. Bó sì ṣe mọ̀ pé ìsinmi kò jìnnà, kò ní máa yọjú wo fóònù ní gbogbo ìgbà.

Iṣẹ́ kejì yàtọ̀. Ó fẹ́ kọ orí tí yóò ṣàlàyé ìdí tí àwọn kan fi fọkàn tán àjọ ju báńkì lọ. Ó gbọ́dọ̀ rántí ohun tí obìnrin kẹta sọ, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹnì kẹjọ fi ta kò ó, kó tún rántí àlàyé tó ti ṣe ní orí kejì. Ká ní ìṣẹ́jú 12 ló fi ń kó gbogbo èyí jọ sọ́kàn. Kò tíì kọ ju ìpínrọ̀ kan lọ tí aago fi dún. Bó bá padà, bí ẹni tí wọ́n já ìka owó mọ́ lẹ́nu ló rí: ó di dandan kí ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìgbà mẹ́rin, tí í ṣe ìṣẹ́jú 100, ìṣẹ́jú 48 ti lọ sí ìkójọ. 52 ló kù fún iṣẹ́ gan-an. Ká ní ó jókòó ìṣẹ́jú 100 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 88 ni ì bá kù.

Ìsinmi tí a fi wo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tún ń bù kún àdánù náà. Nínú ìwádìí tí Sophie Leroy gbé jáde ní 2009, ó fi hàn pé bí ènìyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí, apá kan ọkàn rẹ̀ kì í tètè kúrò lára rẹ̀, èyí tó ń kan iṣẹ́ tó bá kàn.

Báwo la ṣe lè mọ̀ pé aago ń ṣe wá níbi? Ẹ wo ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ lẹ ń tún kà lójoojúmọ́, aago ń já yín. Àmì kejì farasin díẹ̀: ẹ óò rí i pé ẹ ti ń yan iṣẹ́ tó lè wọ inú ìṣẹ́jú 25. Ẹ ń tún àkọlé àti orúkọ àwọn ìwé tí ẹ tọ́ka sí ṣe, àlàyé tó le sì wà níbi tó wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Kò pọn dandan kí ẹ sọ aago nù. Ẹ lè fi ìṣẹ́jú 25 àkọ́kọ́ wọnú iṣẹ́, torí ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń nira jù. Bó bá dún tí ọ̀rọ̀ sì ń ṣàn, ẹ pa á, kí ẹ máa bá a lọ títí kókó kan yóò fi parí. Ẹ fi aago mìíràn sí ìṣẹ́jú 90 kí ẹ̀yìn àti ojú yín lè rí ìsinmi. Kí ẹ tó dìde, ẹ kọ gbólóhùn méjì: ibi tí ẹ bá ọ̀rọ̀ dé, àti ohun tí ẹ fẹ́ sọ tẹ̀ lé e. Leroy àti Theresa Glomb rí i ní 2018 pé irú àkọsílẹ̀ báyìí ń jẹ́ kí ọkàn lè kúrò lára iṣẹ́ tí a dá dúró. Ẹni tó bá sì ti ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta tí kò yé e, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn; kó dìde láìdúró de aago.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló ní wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é. Ẹni tí ọmọ tàbí oníbàárà ń dá dúró lè má rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárọ̀ kùtù. Kí ó fi àkókò yẹn ṣe iṣẹ́ ìrònú nìkan, kí ó sì kó ìdáhùn lẹ́tà, ìdàkọ àti ìṣirò kéékèèké fún aago ní ìyókù ọjọ́.