Ike Wo Ló Lè Bá Oòrùn Gbé?

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fi ike tẹ nǹkan jáde, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní pírińtà tíríìdì, yóò ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu oníbàárà: "Èwo ló lágbára jù nínú àwọn okùn yìí?" Okùn ike tín-ín-rín tí wọ́n ká mọ́ róòlù ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rọ náà ń yọ́ ọ, ó sì ń tò ó lé ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele títí ohun tí a fẹ́ yóò fi gbà àwòrán rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí yóò wà nínú ilé ni, ìbéèrè náà dára. Àmọ́ bí ìta bá ni yóò gbé, ìbéèrè náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni, nítorí okùn tó lágbára jù lórí ìwé ni oòrùn sábà máa ń kọ́kọ́ borí.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ báyìí: apá tó ń gbé kámẹ́rà ààbò mọ́ ara ògiri. Ká ní kámẹ́rà náà wúwo tó ìdajì kílò, apá rẹ̀ yọ síta ní mílímítà 80, ó fẹ̀ ní mílímítà 20, ó sì nípọn ní mílímítà 6. Bí a bá ṣírò ìnira tó ń bá ìdí apá yẹn, níbi tó ti so mọ́ ògiri, yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta kílò lórí gbogbo mílímítà kan níbùú àti lóòró. PLA, okùn tó wọ́pọ̀ jù tó sì rọrùn jù láti tẹ̀, lè gbé nǹkan bíi kílò márùn-ún lórí àyè kan náà kó tó já. Ó ju ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá dá ìṣirò dúró síbẹ̀ yóò ra PLA tọkàntọkàn.

Ooru ni kò sí nínú ìṣirò náà. Ní Ìbàdàn, lóṣù Ẹrẹ́nà, atẹ́gùn ọ̀sán lè gbóná dé dígírì 35. Ike dúdú tó wà lára ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kì í dúró síbẹ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn. Oòrùn ń wọ ara rẹ̀, ògiri tó ti gbóná sì ń gbé ooru sí i lẹ́yìn, tó fi lè kọjá dígírì 60. PLA sì ti ń rọ̀ láàrin dígírì 55 sí 60. Kì í yọ́ ní ìwọ̀n yẹn, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ ti lọ, bí òrí tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Kámẹ́rà yóò máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí ara rẹ̀ tún tutù, yóò tún le, àmọ́ níbi tó tẹ̀ dé ni yóò le sí. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà tó ń wo ẹnu géètì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ fi ń wo ilẹ̀ nígbà tó bá yá, láìsí ibi tó ṣẹ́ rárá. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi PLA tí wọ́n po kábọ́ọ̀nù mọ́ tan ara rẹ̀. Bó ti wù kí kábọ́ọ̀nù mú un le tó, ike tó di í mú ṣì ń rọ̀ ní ìwọ̀n ooru kan náà.

PETG sàn jù ú lọ. Nǹkan bíi dígírì 80 ló ti ń rọ̀, omi òjò kì í ṣe é ní nǹkan, ó sì máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Agbára rẹ̀ lórí ìwé kéré sí ti PLA díẹ̀, ṣùgbọ́n ní dígírì 60 òun ló ṣì dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé bí a bá fi bóòtì dè é pinpin, ibi tí bóòtì tẹ̀ yóò máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ nínú ooru títí ìdè náà yóò fi dẹ̀. Wáṣà onírin tó fẹ̀ lábẹ́ orí bóòtì máa ń dín èyí kù. Bí ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ bá fúyẹ́, tó funfun, tó sì máa wà níbi tí ìbòjì ń dé lọ́sàn-án, PETG tó.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ABS àti ASA, àwọn méjèèjì tí wọn kò rọ̀ títí dé nǹkan bíi dígírì 100. Ìbátan ni wọ́n, ìyàtọ̀ wọn sì wà nínú rọ́bà tí wọ́n pò mọ́ wọn kí wọ́n má baà máa ṣẹ́ bí dígí. Rọ́bà inú ABS kò lè gba ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí. Ìtànṣán náà ń já a lára, ike á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á ṣá, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yóò máa sán wẹ́wẹ́. Oríṣi rọ́bà mìíràn tí kò ní ibi àìlera yẹn ni wọ́n fi sínú ASA, òun náà sì ni wọ́n ń lò fún àwọn ike ìta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Fún apá kámẹ́rà wa, ASA ni mo fọwọ́ sí.

Ó ní wàhálà tirẹ̀ o. Imú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbóná tó dígírì 240 sí 260, kí pẹpẹ tó jókòó lé sì wà ní nǹkan bíi 100. Ó yẹ kí àpótí bo ẹ̀rọ náà, nítorí bí atẹ́gùn tútù bá fẹ́ sí i, igun rẹ̀ á ká sókè tàbí kí ìpele rẹ̀ là. Èéfín rẹ̀ kò dára fún mímí, nítorí náà ẹ má tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tí ẹ ń sùn. Níbi tí iná ti ń lọ lójijì, ẹ̀rọ lè rántí ibi tó dé, ṣùgbọ́n ASA tó tutù máa ń ṣí kúrò lórí pẹpẹ, ìpele tuntun kì í sì í lẹ̀ dáadáa mọ́ èyí tó ti tutù. Ẹ rí i pé ínfátà lè gbé e dópin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ bí ẹ ṣe gbé e lé pẹpẹ. Ibi tí ìpele kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì lè máà ní ju ìdajì agbára okùn fúnra rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá tẹ apá náà ní ìnàró, ibi àìlera yẹn gan-an ni kámẹ́rà yóò máa fà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí okùn gba inú apá kọjá láti ògiri dé orí, kí ẹ sì fún un ní ògiri mẹ́rin tàbí márùn-ún dípò kíkún inú rẹ̀.

Lórí ìwé tí olùtajà ń fún yín, ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ HDT sí. Ìwọ̀n ooru tí ike ti ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù ni, ẹrù méjì ni wọ́n sì fi ń dán an wò, 0.45 MPa àti 1.8 MPa. Ti ẹrù fífúyẹ́ máa ń ga jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fi polówó. Ẹ rí i pé ẹrù kan náà ni wọ́n lò kí ẹ tó fi okùn kan wé èkejì.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ tẹ ọ̀pá pẹlẹbẹ kan láti inú okùn kọ̀ọ̀kan, kó gùn ní mílímítà 120, kó fẹ̀ ní 10, kó nípọn ní 3. Ẹ há mílímítà 20 mọ́lẹ̀, kí ẹ so omi mìlílítà 50 nínú ọ̀rá kọ́ ẹnu kejì. Ìnira tí ẹrù kékeré yẹn ń fún ọ̀pá náà dọ́gba pẹ̀lú ti apá kámẹ́rà wa. Ẹ gbé wọn sínú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì nínú oòrùn ọ̀sán, pẹ̀lú òṣùwọ̀n ooru lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí ara wọn bá ti tutù, ẹ tú omi kúrò kí ẹ wo èyí tí kò padà tààrà mọ́.

Ní ti àwọ̀, ẹ yan funfun tàbí eérú fífúyẹ́ fún ASA, nítorí kò nílò àwọ̀ dúdú láti dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìtànṣán, ooru nìkan ni dúdú yóò fi kún un. Bí ẹni tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́ bá ní PLA nìkan ló wà nílẹ̀, ẹ ní kó dúró títí yóò fi rí ASA.