Inú Ìdáhùn Tí Kò Tọ̀nà Ni Iṣẹ́ Wà

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó fẹ́ fi ìbéèrè dán ara rẹ̀ wò máa ń tètè rí ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀ nínú nóòtì. Ohun tó kù ni ìdáhùn òdì mẹ́rin, á sì kó èyí tó bá ti wá sí i lẹ́nu síbẹ̀. Bí ìbéèrè ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn. Ìdáhùn òdì tí kò lè tan ẹnikẹ́ni kò dán ẹnikẹ́ni wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun kan nínú nóòtì lórí iṣẹ́ ọkàn. Yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì kì í tú gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde tó bá fún pọ̀. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù. Tí a bá fi iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pín iye tó jáde, ìdá ìtújáde la rí. Kí ẹ tó kọ ìbéèrè, ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tí èèyàn ti lè ṣì í sí ẹ̀gbẹ́ nóòtì. Ibẹ̀ ni ìdáhùn òdì ti máa wá.

Ìbéèrè náà rèé: yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ọkàn ọkùnrin kan gba mílílítà 140 kó tó fún pọ̀, ó sì ku 56 lẹ́yìn náà. Kí ni ìdá ìtújáde rẹ̀?

A. 40%
B. 56%
D. 60%
E. 67%
Ẹ. 84%

D ló tọ̀nà: 84 ló jáde, 84 nínú 140 sì jẹ́ 60%. Ẹni tó mú A ṣírò ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù dípò èyí tó jáde. Ẹni tó mú E fi èyí tó jáde pín èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó mú Ẹ yọ iye kúrò nínú iye, ó gbàgbé láti pín in. B ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn, torí ẹni tí kò ka nóòtì rárá nìkan ló máa kó sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà o. Ká ní 150 àti 60 la lò, ìdáhùn á ṣì jẹ́ 60%, ẹni tó kàn gbé 60 inú ìbéèrè sílẹ̀ á sì gba máàkì ọ̀fẹ́.

Ewu kejì ni kí ìdáhùn méjì tọ̀nà. Tí a bá béèrè ohun tó ń pọ̀ sí i nígbà tí èèyàn ń sáré, iye ìgbà tí ọkàn ń lù ń pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ń pọ̀ sí i. Ẹ béèrè èyí tó dá kún un jù nígbà tí ẹni tí kì í ṣe eléré ìdárayá bá sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìlù ọkàn ni: ó lè kúrò ní 70 lọ sí 190 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà pọ̀ tó ìlọ́po méjì.

Ẹ wá bo àwọn ìdáhùn mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ìbéèrè nìkan. Tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kò bá lè dáhùn láìrí wọn, ẹ tún un kọ. Ẹ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ṣe. Ìdáhùn òdì tí ẹnikẹ́ni kò mú, ẹ yọ ọ́ dànù.