Submariner Ojúlówó àti Ayédèrú Rẹ̀

Nínú àwọn aago ọwọ́ olówó ńlá, Submariner tí ilé-iṣẹ́ Rolex ń ṣe ní Switisalandi wà lára àwọn tí oníjìbìtì ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká mú 116610LN, onírin tí ojú rẹ̀ dúdú, tí wọ́n ṣe láti 2010 di 2020, kí á fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀pọ̀ olùrà á kọ́kọ́ gbé aago jù lọ́wọ́, wọ́n á ní, “Ó wúwo, ojúlówó ni.” Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń kó sí páńpẹ́. Bí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá pé, aago yìí ń wọn nǹkan bí 150 gíráàmù lórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà. Èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ti jẹ́wọ́ ara rẹ̀, àmọ́ ayédèrú tí wọ́n fi irin gidi ṣe lè wọn iye kan náà. Bí wọ́n bá sì ti yọ díẹ̀ lára ẹ̀wọ̀n ojúlówó, òun náà á fúyẹ́. Ara aago oníwúrà ni ìwúwo ti ń sọ òótọ́: wúrà káráàtì 18 fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì irin, aago tí wọ́n kàn fi wúrà kùn kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbé e sétí, kí ẹ rọra mì ín. Irin pẹlẹbẹ kan, rótọ̀, ló ń yí nínú rẹ̀ láti wáyà aago bí ọwọ́ ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nínú ẹ́ńjìnì 3135 tó wà nínú aago yìí, orí ọ̀pá kékeré ni rótọ̀ jókòó sí, ariwo rẹ̀ kò tó nǹkan. Béárìn ni ọ̀pọ̀ ayédèrú olówó pọ́ọ́kú ń lò, ẹ óò sì gbọ́ ọ bó ṣe ń yí gìrìgìrì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: 3235 tí Rolex fi rọ́pò rẹ̀ ní 2020 ń lo béárìn, ariwo nìkan kò tó dá a lẹ́bi.

Fún ojú aago, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá wo àwọn lẹ́tà funfun. Ti ojúlówó máa ń kún, etí rẹ̀ á sì mú ṣáká. Ti ayédèrú sábà máa ń ràn bí yíǹkì lórí ìwé tútù.

Déètì ló dùn ún dán wò jù. Dígí kékeré tó wà lórí rẹ̀ ń sọ nọ́mbà di ńlá ní ìlọ́po méjì àbọ̀, débi pé nọ́mbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fèrèsé rẹ̀. Nọ́mbà tó kéré, tàbí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò dáa. Ẹ tú kókó ẹ̀gbẹ́ aago, ẹ fà á jáde dé òpin, kí ẹ yí ọwọ́ aago kọjá agogo méjìlá òru. Déètì 3135 á fò lẹ́ẹ̀kan náà, pá! Ti ayédèrú olówó pọ́ọ́kú á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ayédèrú tó gbówó lórí lè yege gbogbo èyí, àwọn mìíràn sì ń fi ojú aago tòótọ́ sínú ara ayédèrú. Aṣàtúnṣe aago ni kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Á wo afárá tó di kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń mì síwá-sẹ́yìn mú: nínú 3135, ìhà méjèèjì ni wọ́n ti fi síkúrù dè é, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ayédèrú, ìhà kan ṣoṣo ni.