Kí Ló Dé Tí Oògùn Tó Ń Pa Kòkòrò Kì í Pa Wá?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí a ti máa ń bá àwọn àgbàlagbà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, bàbá kan yọ ọ̀rá kékeré kan jáde nínú àpò agbádá rẹ̀. Oríṣi kápúsù méjì ló wà nínú rẹ̀: tẹtirasáíkílìn aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀, àti Ampikilọ́ọ̀sì. Bàbá ní wọ́n dì í pọ̀ fún òun lọ́jà nítorí ikọ́ tó ń yọ òun lẹ́nu, òun sì ń gbé méjèèjì mì pa pọ̀. Wọ́n wá bi mí pé: "Ọmọ mi, kòkòrò tó wà nínú mi ní ẹ̀mí, èmi náà ní ẹ̀mí. Báwo ni oògùn yìí ṣe ń mọ èyí tí yóò pa?"

Ìbéèrè àgbà ni. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ yóò mọ ìdí tí kò fi yẹ kí kápúsù méjèèjì yẹn wà nínú ọ̀rá kan náà.

Oògùn ò mọ ẹnìkan. Kò lójú, kò sì ní làákàyè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní bakitéríà ní àwọn nǹkan kan lára tí àwa kò ní, wọ́n sì ní òmíràn tí àwa náà ní ṣùgbọ́n tí tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe oògùn láti bá wọn. Méjì nínú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ: ògiri ara kòkòrò, àti ibi tí kòkòrò ti ń ṣe purotéènì.

Ògiri tí àwa kò ní

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni bakitéríà. Inú rẹ̀ kún fún iyọ̀ àti ṣúgà àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn, ó ki ju omi tó yí i ká lọ. Nítorí náà omi kì í yé wọ inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi ṣe máa ń wú. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó bẹ́ ni ògiri líle kan tó yí i ká. Ẹni tó bá ti rí àwọn apẹja Ìwòpin níbi tí wọ́n ti ń hun àwọ̀n yóò mọ bí ògiri náà ṣe rí: àwọn okùn gígùn tí a fi ṣúgà ṣe, tí a wá fi okùn kúkúrú so mọ́ ara wọn ní kókó kókó. Kókó wọ̀nyí ló mú kí àwọ̀n náà le.

Kòkòrò ní òṣìṣẹ́ kan nínú ara rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ta kókó. Bó bá ti di ìkángun okùn kan mú, ó ta á, ó fi í sílẹ̀, ó lọ sí òmíràn. Pẹnisílínì àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, bíi amọ́síìlìn àti oògùn méjèèjì tó wà nínú Ampikilọ́ọ̀sì, jọ ìkángun okùn náà. Òṣìṣẹ́ yìí yóò dì í mú pẹ̀lú èrò pé okùn ni, oògùn yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ pinpin. Kò ní lè ta kókó mọ́. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò náà ń dàgbà, ó sì gbọ́dọ̀ máa já àwọ̀n àtijọ́ kí ó lè fẹ̀ sí i. Ó ń já, ẹnikẹ́ni ò ta á. Àwọ̀n á lu, omi á ya wọlé, kòkòrò á bẹ́.

Sẹ́ẹ̀lì tiwa kò ní ògiri yìí rárá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó, nítorí pé inú omi ara tí iyọ̀ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ló ń gbé, kíndìnrín ló sì ń bá wa tọ́jú ìwọ̀n náà. A kò ní okùn, a kò ní kókó, a kò ní òṣìṣẹ́ tó ń ta á. Bí pẹnisílínì bá kọjá lára sẹ́ẹ̀lì wa, kò rí ohun tí yóò dì mú. Ibi tí ewu rẹ̀ wà ni pé ara ẹlòmíràn máa ń kọ̀ ọ́: ara á sú, ojú àti ètè á wú, èémí á sì ṣòro. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ tún lo ohun tó bá jẹ mọ́ pẹnisílínì láìsọ fún dókítà.

Nǹkan méjì jáde látinú èyí. Èkíní, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn kò ní ògiri, kòkòrò ibà náà kò ní. Amọ́síìlìn kò lè ṣe wọ́n ní ohunkóhun. Èkejì, ìgbà tí kòkòrò bá ń kọ́ ògiri lọ́wọ́ ni oògùn yìí ń rí i mú, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí kan, ìdajì amọ́síìlìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹ lò ó ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Nínú oṣù Ramadan, ẹni tó ń lo tàárọ̀ ní sààrì, tó fo tọ̀sán, tó sì kó tọ̀sán pọ̀ mọ́ tìṣínu, ti fún kòkòrò ní ọ̀pọ̀ wákàtí láti tún àwọ̀n rẹ̀ ta. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè láti sán ààwẹ̀ kí ó san án padà. Bí ara bá sì gbà á, ẹ bi apòògùn bóyá oògùn ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ wà fún àìsàn náà.

Ibi tí a ti ń ṣe purotéènì

Ọ̀nà kejì ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ní ráíbósóòmù, ìyẹn ẹ̀rọ kínkínní tó ń to purotéènì pọ̀. Kòkòrò ní i, àwa náà ní i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe oríṣi kan, abẹ́rẹ́ tó bá ọ̀kan mu lè má wọ òmíràn. Àwọn onímọ̀ ń fi bí ráíbósóòmù ṣe ń yára rì tó nínú ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá sọ ìwọ̀n rẹ̀: ti bakitéríà jẹ́ 70, tiwa jẹ́ 80. Kòrókòró inú wọn kò rí bákan náà. Kiloramufẹ́níkọ̀lù máa ń há sínú kòrókòró ti bakitéríà, kò sì jẹ́ kí purotéènì gùn sí i. Tẹtirasáíkílìn máa ń dí ẹnu ọ̀nà tí èròjà ń gbà wọlé. Nínú tiwa, kò jókòó dáadáa, bákan náà ni bakitéríà máa ń fà á wọ inú ara rẹ̀ ju bí sẹ́ẹ̀lì tiwa ṣe ń ṣe lọ.

Ọ̀nà yìí ti gba ẹ̀mí là lórílẹ̀-èdè wa. Ní 1996, àrùn yírùnyírùn jà ní òkè Ọya, ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn (100,000) tó mú. Kò sí bẹ́ẹ̀dì tó lè gbà wọ́n, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó lè máa gún ẹnìkan lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Oògùn tí wọ́n fi ń bá irú àjàkálẹ̀ bẹ́ẹ̀ jà nígbà náà ni kiloramufẹ́níkọ̀lù tí a pò mọ́ òróró. Òróró náà ń jẹ́ kí oògùn máa jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹran ara, tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan lè tó. Mílígíráàmù 100 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan: ọmọ tó wọn kílò 20 á gba gíráàmù 2, kò sì gbọdọ̀ ju 3 lọ fún ẹnikẹ́ni. Ní 2003, ní Nìjẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ yìí wé sẹfitiráásónì, tí òun jẹ́ ti ògiri, lára àwọn aláìsàn tó lé ní 500. Oògùn méjèèjì ṣe déédéé.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti kéré

Kí a má parọ́ fún ara wa, ìdásí náà ní ààlà. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa ni ibì kan wà tí ó dà bí ilé iná, tí a ń pè ní maitokọ́ńdíríà. Ó ní ráíbósóòmù tirẹ̀, èyí sì jọ ti bakitéríà ju ti sẹ́ẹ̀lì tó gbé e lọ. Kiloramufẹ́níkọ̀lù lè há síbẹ̀ náà. Mùdùnmúdùn eegun, tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun tọ̀sán tòru, ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀ bí oògùn bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù. Ẹni náà á ṣì, á máa rẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá tètè dá oògùn dúró, ẹ̀jẹ̀ máa ń padà. Oríṣi kejì wà tó ṣọ̀wọ́n, tí kò wo bí oògùn ṣe pọ̀ tó, tí mùdùnmúdùn sì lè má ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Ọmọ tuntun ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fún ní oògùn yìí láìsí dókítà, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì lè lé e jáde. Nítorí ewu wọ̀nyí ni kì í fi í ṣe oògùn tí a ń rà lórí àtẹ.

Kí ló burú nínú ọ̀rá bàbá?

Ẹ jẹ́ ká padà sí kápúsù méjèèjì. Ampikilọ́ọ̀sì ń dúró de ìgbà tí kòkòrò bá ń dàgbà, tó ń já àwọ̀n rẹ̀. Tẹtirasáíkílìn, ní tirẹ̀, ń dá iṣẹ́ purotéènì dúró, kòkòrò á sì ṣíwọ́ ìdàgbà láìkú. Kòkòrò tí kò dàgbà kò já àwọ̀n, àwọ̀n tí a kò já kò ní lu. Èkejì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkíní.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní 1951, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Lẹ́pà àti Dáólìn, kọ ìròyìn nípa àwọn tó ní oríṣi yírùnyírùn kan. Àwọn kan gba pẹnisílínì nìkan, àwọn díẹ̀ gbà á pọ̀ mọ́ oògùn kan tó jẹ́ ọmọ ìyá tẹtirasáíkílìn. Nínú àwọn tó gba méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó kú. Nínú àwọn tó gba pẹnisílínì nìkan, àwọn tó kú kò tó ìdajì bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, dókítà lè mọ̀ọ́mọ̀ pa oògùn ògiri àti ti ráíbósóòmù pọ̀ fún àìsàn kan tó ti yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí kí á máa dì í pọ̀ nínú ọ̀rá.

Mo bi bàbá léèrè ìgbà tí ikọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, àti pé òógùn ń bo àwọn lóru. Mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ wọn, mo sì ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Kòkòrò tirẹ̀ fi ọ̀rá bí ìda bo ògiri rẹ̀, ó sì ní ohun tó fi ń gé pẹnisílínì sí wẹ́wẹ́. Bí bàbá bá gbé ọ̀rá mẹ́wàá irú ìyẹn mì, kò ní kú.

Oṣù mẹ́fà ni oògùn tirẹ̀. Bàbá ti lo mẹ́rin, wọ́n sì ti padà sí ààyè wọn ní sáàfù iwájú. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ni kó kọ́kọ́ lọ ṣe kó tó ra kápúsù kankan.