Apólò Kọ́ Ni Gbogbo Ojú Pípọ́n

Lóṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lórí àga tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú méjèèjì kíkankíkan. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú, funfun ojú sì ti pọ́n. Mo pe ìyá rẹ̀. "Apólò ni," ó ní, "ọdọọdún ló máa ń mú un. Oògùn rẹ̀ wà nínú báàgì, kán an sí i lójú, á lọ."

"Ọdọọdún" tó sọ yẹn ló kọ mí lóminú, torí Apólò kì í ṣe àrùn tí í bá ọyẹ́ dé, tí í sì í bá ọyẹ́ lọ.

Lọ́dún 1969 ni àrùn ojú kan tó ń tètè ràn bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà. Ọdún yẹn náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apólò 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, ni àwọn èèyàn bá sọ àrùn náà ní Apólò. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kò ju bí ọjọ́ kan sí méjì lọ lẹ́yìn tó bá wọ ojú tí ojú á fi pọ́n. Ojú kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, kó tó kó sí èkejì. Ojú á máa ta èèyàn bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, omi á máa dà, ẹ̀jẹ̀ pàápàá lè hàn nínú funfun ojú. Ẹ béèrè wò, ẹlòmíì ti ní irú rẹ̀ nínú ilé tàbí ní kíláàsì. Àwọn kan gbà pé bí èèyàn bá wo ojú ẹni tó ní Apólò, á ràn án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ojú ló ń gbé e: ó kó sọ́wọ́, sí táwẹ́ẹ̀lì, sí ìrọ̀rí, sí ọ̀pá tìróò tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń lò, látibẹ̀ ló ti ń dé ojú ẹlòmíì.

Èkejì tó ń ràn ni èyí tí bakitéríà ń fà. Ìpín la fi ń mọ̀ ọ́n. Ìpín náà á ki, á ní àwọ̀ ìyeyè tàbí ewé, ẹ á nù ún tán, kò ní pẹ́ kó tún yọ. Láàárọ̀, ìpéǹpéjú á ti lẹ̀ pọ̀ débi pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ máa fi rẹ̀ ẹ́ kó tó là.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà níwájú mi yìí, ojú méjèèjì ló pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ nílé wọn. Nígbà tí mo bi í pé kí ló ń ṣe é gan-an, kò sọ pé ó ń dun òun. "Ó ń yún mi, Àǹtí, ó ń yún mi gan-an ni." Mo wo igun ojú rẹ̀, mo rí ikun funfun tó ń fà bí okùn, kì í ṣe ìpín tó ki. Ó tún ń sín léraléra. Bàbá rẹ̀ ní ásímà. Yíyún ni ẹ̀rí tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀: ojú tó bá ń yún èèyàn débi tí kò lè gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, àlẹ́jì ló yẹ ká kọ́kọ́ rò. Ara ọmọ náà ló kọ eruku, tó wá ń bá a jà bí ẹni pé ọ̀tá ló wọlé. Irú èyí kì í ràn. Bó bá sùn lórí ìrọ̀rí kan náà pẹ̀lú ọmọ mi, kò séwu.

Mo tú báàgì. Ike oògùn kékeré kan ni mo bá, tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì kan láìsí ìwé dókítà. Oògùn tó ń pa bakitéríà àti sitẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń pè ní dẹksamẹtasóònù ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń kán an sí ọmọ yìí lójú, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ́dọọdún. N kò dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi, torí oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lójú: láàárín ọjọ́ méjì, ojú á funfun. Ibi tó ti ń tanni gan-an nìyẹn. Sitẹ́rọ́ìdì máa ń pa ojú pípọ́n, ohun yòówù kó fà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè mú kí omi inú ẹyinjú ga sókè, kó sì máa tẹ iṣan tí a fi ń ríran. Gílókómà ni wọ́n ń pe èyí. Kì í dunni, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ nínú ìríran kì í padà. Ó tún lè mú kí kùrukùru bo dígí inú ojú.

Mo gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó yí ìpéǹpéjú òkè síta, ó ní kí n wò ó: inú rẹ̀ yọ kókó wẹ́wẹ́ bí òkúta tí wọ́n tò sójú títì. Ó ní àlẹ́jì ojú tó le ni, tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọkùnrin láti nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, tó sì sábà máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá ti bàlágà tán. Ó wọn bí ojú ṣe le sí: 28 ni. Kò yẹ kó ju 21 lọ. Ó dá sitẹ́rọ́ìdì dúró. Nígbà tá a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti wálẹ̀ sí 17. A tètè dé ni.

Oògùn méjì ló kọ. Olopatadíìnì, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ni èyí tó ń pa yíyún kíákíá. Èkejì ni sódíọ́mù kromogíláíkéètì, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, tó ń dènà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ju èyí nù lọ́jọ́ kẹta pé kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó tó ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí agbára rẹ̀ tó hàn. Ìdí nìyí tó fi dáa kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Bí ojú bá ń yún un, aṣọ mímọ́ tá a rẹ sómi tútù la ń gbé lé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Dókítà náà kìlọ̀ gidigidi nípa ríra ojú: bí èèyàn bá ń rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ tó bo dúdú ojú lè fẹ́lẹ́, kó wá yọ ṣóńṣó, ìríran á sì dàrú. A tún ń wọ́n omi sílẹ̀ ká tó gbálẹ̀, ó sì ń bọ́jú tó bá ti ibi eré dé.

Apólò ní tirẹ̀ kò ní oògùn tó ń pa á. Oògùn bakitéríà kò ràn án. Ara ló ń lé e lọ, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn fáírọ́ọ̀sì ojú mìíràn sì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Omi tútù, ọwọ́ fífọ̀, táwẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀, kí ọmọ má lọ sílé ìwé títí omi ojú á fi dáwọ́ dúró, iṣẹ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ti bakitéríà ni kilorafẹ́níkọ́ọ̀lù wà fún: ẹ̀kán kan ní wákàtí méjì-méjì fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nígbà tí èèyàn bá lajú, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ títí á fi pé ọjọ́ márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtọ̀ fọ ojú. Kòkòrò àtọ̀sí lè wà nínú ìtọ̀, tó bá sì wọ ojú, ó lè jẹ dúdú ojú lu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò yìí kan náà lọmọ tuntun lè kó lára ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, nítorí náà ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan tí ojú rẹ̀ bá ń ṣepin, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bákan náà ni fún ẹnikẹ́ni tí ojú ń dùn gan-an, tí kò lè wo iná, tí ìríran rẹ̀ ṣú lẹ́yìn tó ti nu ojú tán, tàbí tí nǹkan funfun yọ lórí dúdú ojú rẹ̀.

Lóṣù Kẹwàá ọdún yìí, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán ti ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn. Tíṣà sì ti dá ọmọ padà sílé pé Apólò ni, ó ń wá ìwé tí dókítà kọ. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ kejì, ọmọ ti wà ní kíláàsì.