Kílò Mẹ́jọ Tí Géèjì Pè Ní 0.8

Ọ̀gá tó wá láti Ṣáínà na àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e, ó ká àwọn ìka yòókù mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé ọwọ́ náà sókè kí gbogbo wa lè rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ tiwa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Méjì!" Mo ní, "Rárá o, mẹ́jọ ló sọ." Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ṣebí ìka méjì ni gbogbo wa jọ rí?

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ní Ṣáínà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ka oókan dé ẹẹ́wàá. Láti oókan dé aárùn-ún, tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Tó bá di ẹẹ́fà, àtàǹpàkò àti ìka tó kéré jù ni wọ́n máa nà. Tó bá di ẹẹ́jọ, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ni. Lójú ọmọ Yorùbá, méjì ni mẹ́fà, méjì náà sì ni mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ bá ti ń pariwo, ìka ló máa ń di ẹnu.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, láàárín èdè Ṣáínà àti Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ omi oníke kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù ló pè mí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti kó kọńpírẹ́sọ̀ tuntun dé, èyí tó máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú tánkì kan tó ga ju mí lọ, kí afẹ́fẹ́ náà lè máa ṣí fáàfù, kó sì máa dé ọmọrí ike. Àwọn ará Ṣáínà méjì ló wá tò ó. Àwọn tiwa jẹ́ márùn-ún, Bàbá Rìwáyà ni olórí wọn, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ iná kí wọ́n tó bí mi. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà ni wọ́n nílò mi, kí n máa túmọ̀ gbogbo àlàyé tí àwọn àlejò bá ṣe.

Mo ti lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ náà kó tó mọ orúkọ nǹkan máa jìyà ni. Mo tẹ̀lé Bàbá káàkiri, mo ń tọ́ka, mo ń béèrè: "Kí lẹ ń pe èyí?" Mo tún ṣe bákan náà pẹ̀lú àwọn àlejò. Lára ohun tí mo rí ni pé wáyà tó ń gbé iná wá, "wáyà iná" gan-an ni wọ́n ń pè é lédè Ṣáínà, iná tí a fi ń se ọbẹ̀ yìí náà. Ìyẹn ò le, torí pé àwa náà ò ya iná ìdáná sọ́tọ̀ sí iná mànàmáná. Èkejì ló léwu. "Wáyà òdo" ni wọ́n ń pe èyí tí àwọn rìwáyà wa mọ̀ sí niútírà. Tí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí wáyà òdo, ta ni kò ní rò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iná ń gbà padà, tó bá sì já níbì kan, ẹnu rẹ̀ tó wà lápá ẹ̀rọ lè gbé èèyàn bíi ti wáyà iná. Niútírà ni mo ń pè é títí iṣẹ́ fi parí.

Kí n tó lọ sílé ní alẹ́ yẹn, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá. Ọ̀gá àlejò yẹn ò tíì tó ẹni ogójì ọdún, èdè rẹ̀ sì ṣókí. Tó bá sọ̀rọ̀, àṣẹ ni. Èmi ò lè máa sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà, mo máa ń fi "ẹ" kún un, mo máa ń fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un, kí mi tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìyẹn dáa tí ewu ò bá sí. Mo wá ní, "Bàbá, tí mo bá pariwo 'Dúró!' láì fi 'ẹ' kún un, ẹ má bínú sí mi o. Kò sí àyè ìkíni níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má sọ ọ́ di àṣà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìlànà tí mo bá ọ̀gá àlejò ṣe ni pé kó máa sọ ohun kan ṣoṣo kó tó dákẹ́. Màá túmọ̀ rẹ̀, ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà á tún un sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀, èmi á wá dá ohun tó sọ padà sí èdè Ṣáínà. Tí ọ̀gá bá mi orí, a ó tẹ̀síwájú. Ó lọ́ra, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti ká àṣìṣe ara mi àkọ́kọ́.

Iná tírí-féèsì ló ń gbé mọ́tò náà, àwọn wáyà mẹ́ta tí èèyàn bá so gba ibòmíì, tí mọ́tò á sì máa yí sẹ́yìn. Nínú kọńpírẹ́sọ̀ yìí, irin méjì tó lọ́ bíi ìdè sikirúù ló ń yí mọ́ra wọn, òróró ló sì ń dáàbò bò wọ́n. Tí wọ́n bá yí sẹ́yìn, òróró ò ní rìn bó ṣe yẹ, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin láìpẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó tan án tán pátápátá, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi kan, kí wọ́n wo bóyá ó ń yí síbi tí àmì ọfà ara rẹ̀ kọjú sí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un lédè Ṣáínà dà bíi "kán tótó". Mo túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ tan án díẹ̀, kí a wò ó." Ọmọkùnrin tó wà nídìí bọ́tìnnì tún un sọ pé: "Mo máa tan án fún bíi ìṣẹ́jú kan, kí n wá pa á." Ìṣẹ́jú kan kẹ̀! "Díẹ̀" tèmi ti di odindi ìṣẹ́jú.

Mo tún un sọ: "Tẹ bọ́tìnnì eléwé, kí o sì gbá èyí pupa lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná." Ìyẹn ló yé e. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á, mọ́tò náà yí díẹ̀, ó dúró. Òdìkejì ọfà ló yí sí! Wọ́n pa iná láti orísun rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ méjì nínú wáyà mẹ́ta yẹn, wọ́n tún dán an wò, ó wá yí síbi tó yẹ.

Àwọn nọ́ńbà náà ní wàhálà tiwọn. Sì ni mẹ́rin lédè Ṣáínà, ṣí sì ni mẹ́wàá. Àìmọye ará gúúsù Ṣáínà ni kì í pe "ṣ", "s" ni wọ́n ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan nílùú Ìbàdàn ṣe ń sọ pé "kí lo ń se?" Ọ̀gá àlejò wa wà lára wọn. Ohùn nìkan ló kù láti fi mọ̀ ọ́n: ti mẹ́rin ń já wálẹ̀, ti mẹ́wàá ń gòkè. Etí Yorùbá mọ ohùn, ṣebí òun la fi ń mọ ìgbá yàtọ̀ sí ìgbà. Àmọ́ nígbà tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá pa iná kí wọ́n tó ṣí àpótí tó ń darí mọ́tò, n kò fi etí nìkan ṣe é. Kàpásítọ̀ ńlá wà nínú àpótí yẹn, wọ́n ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kú. Mo ní kó fi ọwọ́ hàn mí. Ó fi ìka kan dábùú ìka kejì. Mẹ́wàá nìyẹn, bí àgbélébùú. Àwọn tiwa kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn àpótí náà pẹ̀lú máákà.

Ibi tí mo ti ṣì í gan-an nìyí. Ọ̀gá náà ní kí afẹ́fẹ́ inú tánkì má kọjá "gúnjín mẹ́jọ". Kílò ni gúnjín. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé, "Kò gbọ́dọ̀ kọjá kílò mẹ́jọ." Wọ́n tún un sọ geerege, ọ̀gá mi orí, a kọjá lọ. Gbogbo wa sọ ohun kan náà, kò sì yé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tiwa.

Nígbà tí tánkì kún, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ lára àwo irin tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ ìdí tánkì náà, sììììì. Kọńpírẹ́sọ̀ ti dákẹ́ fúnra rẹ̀. Bàbá wo géèjì, ó rí 0.8. Ó ní, "Kò tiẹ̀ pé kílò kan mọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán." Ó mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ tú bóòtì kan kó lè tún rọ́bà abẹ́ àwo náà tẹ́.

Ọ̀gá àlejò ké. N kò tiẹ̀ túmọ̀ ohun tó sọ. Mo pariwo: "Dúró!"

Bàbá dúró. Sípánà ti wà lórí bóòtì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí oníṣẹ́ Ṣáínà bá sọ pé "kílò" lórí afẹ́fẹ́, ìwọ̀n tó ń tẹ ibi tó fẹ̀ tó èékánná kan ló ń sọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, kan lóròó. Àmọ́ MPa ni wọ́n tẹ̀ sójú géèjì, MPa kan sì tó bíi kílò mẹ́wàá lórí èékánná kan. Kílò mẹ́jọ yẹn gan-an ni 0.8. Tánkì náà ò tíì fẹ́ẹ́ tán, ó ti kún dé ibi tó yẹ kó kún dé. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ju ti táyà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Mo fi bírò ṣe ìṣirò náà sára páálí kan fún wọn. Àwo irin yẹn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá láti etí dé etí. Èékánná bíi méjìdínlọ́gọ́rin ló máa gba ojú rẹ̀. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbé kílò mẹ́jọ, ó lé ní kílò ẹgbẹ̀ta. Àpò sìmẹ́ǹtì méjìlá ló ń ti àwo yẹn láti inú, bóòtì ló sì dì í mú. Bàbá wo páálí náà, ó wo àwo náà. Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

Ọ̀gá àlejò wá sọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, mo sì túmọ̀ rẹ̀ láìsí kílò kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ti iná rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má lè tan án lẹ́yìn yín. Ẹ ṣí fáàfù ìdí tánkì, kí afẹ́fẹ́ máa jáde títí abẹ́rẹ́ géèjì á fi padà sí 0 tí ariwo á sì dákẹ́. Ẹ má tì í padà, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tú bóòtì, torí pé abẹ́rẹ́ lè há síbi 0 kí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó gbà wá tó ìdajì wákàtí, wọ́n tún rọ́bà náà tẹ́, wọ́n tan ẹ̀rọ, kò yọ mọ́.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, Bàbá bu ọ̀dà pupa, ó fa ìlà kan sójú dígí géèjì níbi 0.8. Ó kọ "KÚN" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, 'Dúró' tí o pè mí yẹn, mo ti dárí jì ọ́. Lọ ra ohun mímu wá."